Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí ẹ tó fún un lóògùn ibà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gún un níka, kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike àyẹ̀wò ibà. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọmọ àbúrò mi níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ 3 kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò: ìlà kan ṣoṣo ló yọ, kò sí ibà níbẹ̀. Òtútù àyà ni, oògùn ibà kì í sì í wò ó.

Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò lè mu ọmú, bó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí, tàbí bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu o.