Bí a ṣe ń ka ìtọ́ni orí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Ohùn méjì ló wà nínú ìwé eré oníṣe. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń bá ara wọn sọ. Èkejì ni àwọn gbólóhùn kéékèèké tí a fi sínú àkámọ́, tàbí tí a tẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń sọ ẹni tó wọlé, ibi tó jókòó sí, ohun tó mú lọ́wọ́ àti bí ó ṣe rìn. Èkejì yìí ni mo ń pè ní ìtọ́ni orí ìtàgé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń bá ka eré ní Yábàá ló máa ń fò ó, nítorí wọ́n gbà pé òṣèré àti olùdarí eré nìkan ló kàn. Mo fẹ́ fi ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo hàn bí a ṣe lè kà á bí ẹ̀rí: ìyàwó tuntun Ẹlẹ́ṣin, nínú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá pẹ̀lú àkọlé Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ẹlẹ́ṣin ni olókùn-ẹṣin ọba: ó yẹ kó kú tẹ̀lé ọba tó wàjà, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dá a dúró, ó sì tì í mọ́lé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà títí dé òpin rẹ̀, ìyàwó yìí kò la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun gbogbo tí a mọ̀ nípa rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ àti nínú ìtọ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ ka eré náà tán kí ẹ lè mọ bí ìtàn ṣe lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé òfìfo kan, kí ẹ sì da gbogbo ìtọ́ni tó kan ẹni tí ẹ yàn kọ sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra, láì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni kún un. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ìran karùn-ún, tó wáyé ní àhámọ́, ohun tí ẹ óò rí kọ kò pọ̀. Ẹlẹ́ṣin dúró lẹ́yìn irin pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lóde, ó dorí kodò, kò gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ẹlẹ́ṣin fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó fi ìfarabalẹ̀ wọ inú àhámọ́, ó pa ojú òkú náà dé, ó da erùpẹ̀ sórí ìpéǹpéjú kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde. Ní ìparí, ó bá Ìyálọ́jà lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ wọ́n tán, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya èyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti gbé yọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dá dúró. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó na ọwọ́ láti pa ojú Ẹlẹ́ṣin dé, Ìyálọ́jà sì pariwo mọ́ ọn pé kó fi òkú náà sílẹ̀. Bí ìtọ́ni yẹn bá tilẹ̀ sọnù, igbe Ìyálọ́jà yóò ṣì jẹ́ kí a mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kò tọ́ sí i. Ti ìyàwó kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ó pa ojú òkú dé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ìtọ́ni náà kúrò, ìṣẹ̀lẹ̀ náà parẹ́ pátápátá. Irú ìtọ́ni tó dá dúró báyìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì, nítorí òǹkọ̀wé kò fi ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ló gba sùúrù jù: kíka ọ̀rọ̀ ẹnu tó wà ṣáájú ìtọ́ni náà àti èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Ẹlẹ́ṣin ṣì wà láàyè nínú àhámọ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òyìnbó ni òun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà àwọn òrìṣà òun, àti pé ó ń ṣe òun báyìí bíi kí òun di ẹ̀bi náà ru ìyàwó náà. Ẹ̀sùn ńlá ni, ìyàwó kò sì fèsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró síbẹ̀ yóò kọ ọ́ pé ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ìyálọ́jà yíjú sí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi pè é: ọmọ. Kò sọ pé lọ pa á lójú dé, kò sọ pé bu erùpẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde, ó sì ṣe ohun tó yẹ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹni tí a kò rán níṣẹ́, tó sì jẹ́ iṣẹ́ náà pé, mọ ohun tó yẹ kó ṣe tẹ́lẹ̀. Ìtọ́ni yìí wá di ẹ̀rí pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan. Ohun tí a kọ̀ fún ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, òun ni a fi lé ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí lọ́wọ́.

Kí ìtumọ̀ yìí má baà jẹ́ ìfẹ́ inú yín lásán, ẹ fi ìpààrọ̀ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ pa ojú òkú dé: àṣà ṣì dúró, ṣùgbọ́n ìyàwó di ẹni tí eré kò nílò. Ẹ jẹ́ kó sáré wọlé pẹ̀lú ẹkún: opó tó ń ṣọ̀fọ̀ ni a ó rí, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ojúṣe. Ẹ yọ erùpẹ̀ kúrò: ojú ti padé, ṣùgbọ́n ìsìnkú kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ìpààrọ̀ kan kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ má gbé ìtumọ̀ tó wúwo ka orí ìtọ́ni yẹn. Àwọn ìtọ́ni mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí òṣèré ráyè jókòó lọ.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú eré àtijọ́, bíi ti Ṣekisípíà, àwọn olótùú tó wá lẹ́yìn ló fi púpọ̀ nínú ìtọ́ni síbẹ̀. Níkólà Róò, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1709, wà lára wọn. Irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí bí olótùú ṣe ka eré, kì í ṣe ẹ̀rí èrò òǹkọ̀wé. Bí ìwé ìtumọ̀ ni ẹ ń kà, ẹ fi wé ti ìpilẹ̀ kí ẹ tó gbé àlàyé ka orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí “ìfarabalẹ̀”. Ohun tí ẹ rí lórí ìtàgé náà yàtọ̀. Bí ẹ bá wo eré yìí ní Freedom Park ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ nípa àhámọ́ Ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ìpinnu olùdarí ni ìyẹn. Bí òṣèré tó ṣe ìyàwó bá sunkún níbẹ̀, ẹ kò lè kọ ọ́ pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ àlàyé yín, ẹ fa ọ̀rọ̀ inú ìtọ́ni náà yọ bí ó ṣe wà, ẹ sọ ohun tó fi hàn, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ ẹnu tó yí i ká wá láti gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ pé ìyàwó mọ ojúṣe rẹ̀ sí òkú láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lójú wa. Pípè tí a pè é ní ọ̀rọ̀ kan àti ìṣe rẹ̀ tó tò tẹ̀léra gbe èyí. Ẹ kò lè kọ ọ́ pé ó ti dárí ji Ẹlẹ́ṣin. Ìfarabalẹ̀ tí ìwé sọ wà nínú ìrìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran náà. Kò sí ìtọ́ni kankan tó ṣí inú rẹ̀ payá fún wa.