Bí mo ṣe gbé owó ìfẹ̀yìntì mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀

Nígbà tí mo pààrọ̀ iṣẹ́, akáúńtáǹtì ibi tuntun ní kí n ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì míì. Mo kọ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, kì í yí padà, ibikíbi tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́. Òun ni mo fún wọn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa tọ́jú owó náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tuntun la ti ń béèrè, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn àtijọ́. Mo tẹ̀ka, wọ́n sì dá a padà: orúkọ bàbá mi ló wà lórí àkáǹtì, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN. Mo kó ìwé ìgbéyàwó lọ bá àwọn àtijọ́, wọ́n tún orúkọ ṣe, mo wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ owó yín wò lóṣooṣù. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá mi àtijọ́ kò san. Mo fi ìwé owó oṣù hàn án pé ó ti yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ mi, ó sì san án. Ẹ fara balẹ̀ yan ilé-iṣẹ́ tuntun o, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, gbà kéèyàn kó owó rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn.