Òfin ilé fún àlejò wa ní Sùúrùlérè: ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ kú ìrìnàjò o, ẹ sì kú àbọ̀. Fúláàtì tẹ́ ẹ san owó ẹ̀ yẹn wà lókè, lọ́wọ́ ọ̀tún àtẹ̀gùn. Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, tiwa nìkan là ń fún àlejò, àwọn mẹ́ta tó kù, ìdílé ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ wọn ń lọ síléèwé, àwọn fúnra wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gùn báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń bọ̀ náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí wọ́sáàpù kóun náà kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́kọ́rọ́. Mẹ́ta lẹ máa gbà lọ́wọ́ bàbá géètì: èyí tó gùn jù ni ti ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà, kékeré ni ti àgádágodo bọ́gúlárì, ìkẹta ni ti géètì kékeré tó wà níta. Bàbá máa ń ti géètì ńlá ní aago mọ́kànlá alẹ́, tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, géètì kékeré lẹ máa gbà wọlé, ẹ má fọn fèrè mọ́tò o, ẹ pe bàbá lórí fóònù, á wá ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò yín.

Ilẹ̀kùn irin yẹn ló máa ń fún àlejò níṣòro jù. Tẹ́ ẹ bá ti fà á dé báyìí, ó ti há nìyẹn, ẹ ò lè ṣí i láti ìta láìsí kọ́kọ́rọ́, kódà tẹ́ ò bá tíì yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Ohun tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á sáré jáde lọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó gbé e wá, atẹ́gùn á gbá ilẹ̀kùn dé, fóònù wà nínú ilé, ìkòkò wà lórí gáàsì, òun náà wà níta pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Torí náà bó ṣe ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ fi jáde, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tì í pa, ẹ fà á dé dáadáa, ẹ gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè títí ẹ máa fi gbọ́ táwọn irin wọ inú férémù, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ò bá gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè kẹ́ ẹ tó yí i, kọ́kọ́rọ́ máa le, ẹ ẹ́ wá máa fipá yí i, ibẹ̀ ló ti máa ń kán sínú. Tó bá le, ẹ dá a padà, ẹ fi èjìká ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ẹ tún ọwọ́ ẹ̀ gbé sókè, á yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Tó bá dalẹ́ tẹ́ ẹ ti tilẹ̀kùn láti inú, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú ihò ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹni tó wà níta ò ní lè ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀yin á ti sùn, ọ̀rẹ́ yín á máa gbálẹ̀kùn ní aago kan òru, gbogbo ilé á jí. A kan ìṣó kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi àwọn kọ́kọ́rọ́ kọ́, torí tí iná bá lọ tàbí tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ yín á tètè bà á nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ bọ́gúlárì yìí ni mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni fi ṣeré o: ẹ ò gbọ́dọ̀ ti àgádágodo láti ìta kẹ́ ẹ wá gbé kọ́kọ́rọ́ lọ nígbà téèyàn kan bá wà nínú ilé, bó ṣe ọmọdé, bó ṣe ẹni tó ń sùn. Gbogbo wíńdò ló ní irin, tí iná bá ṣẹ́ yọ ní kíṣìnì, kò síbi tẹ́ni náà máa gbà jáde.

Tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má lọ gé òmíràn lábẹ́ bíríìjì, ẹ má sì pe kápẹ́ńtà tẹ́ ò mọ̀ rí. A ní ẹni tó máa ń pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ fún wa, owó ojú kọ́kọ́rọ́ tuntun àti owó iṣẹ́ ẹ̀ la máa yọ nínú owó kọ́ṣọ̀n yín, a ò ní fi náírà kan lé e, a máa fi rìsíìtì hàn yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ariwo. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méje àárọ̀, a ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan níta fúláàtì yín. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà nísàlẹ̀ yín gan-an, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru sì wà ní fúláàtì tó kọjú sí tiyín, ọ̀sán lòun ń sùn, torí náà kì í ṣe alẹ́ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ máa ro èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti tẹlifíṣọ̀n kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ohun tó ń lọ sísàlẹ̀ ni ohun tó bá ń kanlẹ̀. Táìsì la fi ṣe gbogbo ilẹ̀ ilé, tẹ́ ẹ bá wọ́ àga, tẹ́ ẹ wọ bàtà gogoro rìn, tẹ́ ẹ gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí ìyá yẹn ló ń dún sí. Ẹ gbé àga nílẹ̀, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ gbé sípíkà sórí tábìlì, ẹ ká aṣọ ìnura kan sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín béèsì kù. Tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ jẹ iyán, odó wà o, àmọ́ ẹ̀yìn ilé nísàlẹ̀ lẹ ti máa gún un, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lókè, kó sì tó di aago méje alẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ti pọ̀ jù: ẹ ti ilẹ̀kùn yín, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ o, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ bó ṣe ń dún gbì gbì, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, kódà tí kò bá pọ̀ létí yín nínú pálọ̀. Ìjọba Èkó náà ní òfin ariwo, LASEPA ló ń mójú tó o, àdúgbò ibùgbé bíi tiwa, déésíbẹ̀lì 55 ni lọ́sàn-án, 45 ni lóru, béèyàn bá sì fẹjọ́ sùn, ilé lódindi ló máa kó sínú wàhálà.

Jẹnẹrétọ̀ ilé máa ń ṣiṣẹ́ láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ tí nẹ́pà ò bá mú iná wá. Lẹ́yìn ẹ̀, ínfátà ló ń gbé búlọ́ọ̀bù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Kò lè gbé èèsì, áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù. Tẹ́ ẹ bá ki wọ́n bọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì píì láàárín òru, aládùúgbò náà á gbọ́. Tó bá ké, ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá wọ́n lè ṣe bọ́ọ̀dè. Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa ṣáájú, kó má sì ju èèyàn mẹ́jọ lọ. Ká ní ọjọ́ Sátidé ni, bá a ṣe máa ń ṣe é rèé: láti ọjọ́ Fúráìdè lẹ ti máa fi orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa, àwa á fún bàbá géètì, torí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, bàbá ò ní jẹ́ kó wọlé. Mọ́tò méjì péré ni kọ́mpáúndì lè gbà fún fúláàtì yín, àwọn tó kù á páàkì sójú títì, kì í ṣe níwájú géètì aládùúgbò. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹ sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ ṣe nǹkan kékeré lọ́la, aago mẹ́sàn-án la máa parí ẹ̀." Ó yàtọ̀ pátápátá sí kí wọ́n kàn gbọ́ ariwo lójijì. Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́rin ọ̀sán ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ pa orin, kó tó di mẹ́wàá káwọn àlejò yín ti lọ. Inú ilé ni kí wọ́n ti dágbére fúnra wọn, torí orí àtẹ̀gùn àti ìdí mọ́tò lariwo ti máa ń pọ̀ jù, àwọn èèyàn á dúró síbẹ̀ máa rẹ́rìn-ín fún odindi ìdajì wákàtí. Ẹ bu oúnjẹ díẹ̀ fún ìyá àti bàbá géètì, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó dáa gan-an.

Pàǹtí ńkọ́? Mọ́tò PSP máa ń wá gbé e láàárọ̀ Tọ́sìdeè, nígbà míì ó máa ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì pẹ́. Ìyẹn ni ò ṣe yẹ kẹ́ ẹ ju nǹkan tútù lásán sínú dúrọ́ọ̀mù, tí ooru bá mú ọbẹ̀ àti egungun ẹja fún ọjọ́ méjì, ìdin ti dé nìyẹn. Ẹ ro omi inú ẹ̀ dànù, ẹ di í sínú náílọ̀nù kan, ẹ tún fi sínú náílọ̀nù dúdú ńlá, ẹ so ẹnu ẹ̀ le, ẹ wá gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ sì dé e, torí eku àti ológbò. Ìgò tó bá fọ́, ẹ fi bébà ìròyìn wé e nípọn kó má gé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí lọ́wọ́. Ẹ má sun nǹkan kan, ẹ má sì da nǹkan sí gọ́tà, tójò bá rọ̀, omi ẹ̀ máa ń padà sínú kọ́mpáúndì.

Òróró tẹ́ ẹ fi dín nǹkan, ẹ má dà á sí síǹkì. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ike omi tó ti ṣófo, ẹ dé e, ẹ jù ú sínú pàǹtí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò gba nǹkan míì ju bébà ìnùdí, kò gba páàdì, páńpá ọmọdé tàbí wáìpù. Ihò ẹ̀gbin kan ṣoṣo ni gbogbo fúláàtì mẹ́rin jọ ń lò, tó bá dí lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ ìyá ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i pé omi ń lọ díẹ̀díẹ̀, tàbí pé ó ń dún gọ̀lọ́gọ̀lọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọn omi sí i, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pè wá kó tó kún.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, tó bá jẹ́ ìdájí bíi aago mẹ́rin lẹ fẹ́ kúrò torí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbé pàǹtí sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ fún bàbá géètì kó má baà sùn jìnnà, ẹ gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀, ẹ má wọ́ táyà ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ pa gáàsì látorí sílíńdà gan-an, kì í ṣe látorí sítóòfù nìkan. Ẹ pa èèsì, ẹ ti wíńdò. Ẹ to kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ tó fi lé bàbá lọ́wọ́. Ẹ má fi sábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà láé. Tá a bá ti yẹ ilé wò lọ́jọ́ náà, a máa san owó kọ́ṣọ̀n padà sínú àkáǹtì tẹ́ ẹ fi sanwó fún wa kílẹ̀ tó ṣú.