Lẹ́tà Ìgbanisíṣẹ́ Ní Oṣù Kan, Háńbúùkù Ní Oṣù Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Lékè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi ní Kubwa lọ́jọ́ Sátidé, fáìlì lábẹ́ abíyá. "Dádì Kubwa, wọ́n ní mo jẹ àwọn lówó." Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń ṣe akọ̀wé ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse. Ó rí iṣẹ́ míì ní oṣù kẹwàá, ó kọ̀wé pé òun ń lọ, ó sì fún wọn ní nóòtìsì oṣù kan bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣe wí. Wọ́n bá dá owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ dúró, ₦180,000. Wọ́n ní háńbúùkù, ìyẹn ìwé òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2023, ti sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta, ẹni tí kò bá sì pé oṣù mẹ́ta á san owó oṣù tó kù. Oṣù méjì ló kù, ₦360,000. Wọ́n yọ ₦180,000 tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó wá san ₦180,000 yòókù.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti bá wọn tẹ irú háńbúùkù bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ ibi tó ti máa ń jò. Bí a ṣe yẹ ìwé rẹ̀ wò nìyí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọba ni ẹ ń ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ aráa wa ní Àbújá, ọ̀tọ̀ ni tiyín, nítorí òfin ìjọba àti ìlànà iṣẹ́ ọba ló ń darí rẹ̀. Aládàáni ni mò ń bá wí níbí.

Àkọ́kọ́, ẹ kó gbogbo ìwé jáde, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ẹ má fi lẹ́tà tí wọ́n fi fìdí yín múlẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò iṣẹ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni nóòtìsì ti máa ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Ẹ wá háńbúùkù tó wà nígbà tí ẹ wọṣẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n tún ṣe, ẹ wá ìwé pélébé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n fún yín. Tí ilé iṣẹ́ kò bá fún yín ní lẹ́tà kankan rárá, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 7, ní kí wọ́n kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè fi èyí béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìlà tó so háńbúùkù mọ́ lẹ́tà. Lẹ́tà ni ìpìlẹ̀, òun ni ẹ jọ fọwọ́ sí. Háńbúùkù kì í lágbára lórí àdéhùn bí kò bá jẹ́ pé lẹ́tà náà pè é wọlé. Nínú ti ọmọ yìí, ìpínrọ̀ kẹsàn-án sọ pé "ìwé òfin ilé iṣẹ́, àti àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ bá ń ṣe sí i, jẹ́ ara àdéhùn yìí." Ó pè é wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé háńbúùkù kò kàn án. Àwọn lẹ́tà míì máa ń fi kún un pé bí méjèèjì bá tako ara wọn, lẹ́tà ló lékè. Tí ẹ bá rí ìyẹn nínú tiyín, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tirẹ̀ kò ní in.

Ìwé pélébé yẹn wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo jókòó lé jù. Ó fọwọ́ sí i ní 2023, máníjà sì ń fì í kiri bí ẹ̀rí. Mo ní kó kà á sókè fún mi: "Mo ti gba ìwé òfin ilé iṣẹ́ tuntun." Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó gba ìwé kò tíì sọ pé òun yí àdéhùn òun padà. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni "mo gbà kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ́pò àdéhùn mi àtijọ́," ọ̀rọ̀ ìbá le. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ síwájú yín, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ ka ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀ dáadáa. Tí "mo gbà láti yí i padà" bá wà níbẹ̀, tí kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ lẹ́tà kékeré lọ́jọ́ náà pé ẹ ti gba ìwé, ṣùgbọ́n nóòtìsì tó wà nínú lẹ́tà yín ṣì dúró. Ẹ má dákẹ́ kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọdún méjì. Wọn á sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yín ni ẹ fi gbà á.

Ìgbà yẹn la wá bi ara wa bóyá ìwé méjèèjì tako ara wọn lóòótọ́. Tí lẹ́tà bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, tí háńbúùkù sì sọ̀rọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀, háńbúùkù kàn kún àlàfo ni. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù kẹtàlá tó ń retí nìyẹn. Lẹ́tà rẹ̀ kò mẹ́nu bà á. Háńbúùkù ní ẹni tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ló máa gbà á. Ó ti lọ kó tó di ìgbà náà. Mo sọ fún un pé kó gbàgbé ẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí mi.

Ti nóòtìsì yàtọ̀. Lẹ́tà dárúkọ oṣù kan, háńbúùkù dárúkọ oṣù mẹ́ta. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti forí gbárí báyìí, èyí tí wọ́n kọ fún ẹnì kan pàtó ló sábà máa ń borí èyí tí wọ́n kọ fún gbogbo èrò. Ẹgbẹ́ kan nínú àdéhùn kò sì lè dá yí kókó rẹ̀ padà láìjẹ́ pé èkejì gbà. "Àtúnṣe" inú ìpínrọ̀ kẹsàn-án gbà wọ́n láyè láti tún ètò iṣẹ́ ṣe, bí aṣọ iṣẹ́ tàbí àkókò ìwọlé. Ó ṣòro kí wọ́n fi ìyẹn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn pa ohun tí lẹ́tà fi orúkọ pè rẹ́. Bí gbólóhùn náà bá sì ṣe bí ẹni ní ìtumọ̀ méjì, kóòtù máa ń túmọ̀ rẹ̀ tako ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ tún wo òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa lábẹ́ ìwé méjèèjì, torí ìwé kankan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù ú lọ. Abala 11 sọ pé òṣìṣẹ́ tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì ní nóòtìsì ọ̀sẹ̀ kan, ọdún méjì sí márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù kan. Akọ̀wé àti ẹni tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni òfin yìí ń sọ, kì í ṣe ọ̀gá tàbí àwọn amọṣẹ́dunjú. Ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìsàlẹ̀ tirẹ̀, oṣù kan tó fún wọn sì ga jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ náà lè yí sí òdìkejì o. Bí háńbúùkù bá ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ìbéèrè, kí wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó lé e kúrò fún ẹ̀sùn, tí lẹ́tà sì pè é wọlé, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kóòtù á fi tipá dá yín padà síbi iṣẹ́ aládàáni. Owó ló sábà máa ń dájọ́ fún, ó sì lè má ju owó nóòtìsì lọ.

Ohun tó kù ni lẹ́tà. A kọ ojú ìwé kan péré sí ọ̀gá tó ń rí sí òṣìṣẹ́. A dárúkọ ìpínrọ̀ nóòtìsì àti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ jáde, a fi ẹ̀dà ìwé pélébé tì í, a béèrè ₦180,000 láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. A kò bú ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bí wọn kò bá dáhùn, a ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì lébọ̀, bí ó bá sì di ẹjọ́, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè wà ní Àbújá níbí.

Owó oṣù náà wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọn kò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, wọn kò sì tún mẹ́nu ba ₦180,000 yòókù. Ọjọ́ kejì ló fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tuntun rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù, ó ní kí n bá òun wo ìpínrọ̀ tó so háńbúùkù mọ́ ọn kí òun tó fọwọ́ sí i.