₦45,000 tí mo fi ra ohùn òkè, àti ìka kékeré tó ń ṣe mí níbi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ná. ₦45,000 ni mo san fún máútípíìsì tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan, irin kékeré tí ètè máa ń kàn, torí ẹni tó tà á fún mi búra pé bí mo bá ti gbé e sẹ́nu, ohùn òkè á máa jáde fúnra rẹ̀. Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ wa ní Ìgbógbó ni mo gbé e lọ síbi ìdánrawò. A ò tíì parí orin kẹta tí ètè mi òkè ti wú bí ètè ẹni tí agbọ́n ta. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè fi mọ́, fùùù lásán ló ń jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń fun fèrè kejì ló gba orin náà lẹ́nu mi níṣojú gbogbo ìjọ, ó sì fun ún dáadáa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gbé fèrè dání tàbí bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnì. Ibi tó ń dùn mí ò kan bọ́tìnì rárá. Bí ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì á fún yín ní dò, sò, dò òkè, mì, sò òkè. Ètè àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi a máa dé mì wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti mì sí sò òkè, ògiri ni. Bí mo bá fẹ́ débẹ̀, àfi kí n ti irin náà mọ́ ẹnu bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn.

Bàbá kan ń gbé lọ́nà Bàyékù, wọ́n ti fun fèrè nínú báńdì àwọn agbófinró kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbé ètè wíwú mi lọ bá wọn. Wọn ò tiẹ̀ wo fèrè. Wọ́n ní, "Lọ tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Ọjọ́ márùn-ún." Mo bá wọn jiyàn díẹ̀, torí mo ti sanwó nǹkan tuntun, àmọ́ mo gbà.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n gbé dígí síwájú mi, wọ́n ní kí n máa gòkè láti dò. Mo ń gòkè, ẹnu mi ń fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló ní kí o máa rẹ́rìn-ín?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni, sà."

Bàbá náà mi orí. Wọ́n ní bí èèyàn bá fa ètè bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń fẹ́lẹ́. Ètè tó fẹ́lẹ́ ò lè gbọ̀n dáadáa, kò sì lè gba ìwúwo irin. Bí kò bá ti gbọ̀n, ẹni tó ń fun ún á tì í mọ́lẹ̀ kí ohùn lè jáde. Bó bá tì í, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè rìn níbẹ̀, ètè á kú tipiri, lẹ́yìn náà ó wú. Gbogbo ìtàn ìkórè mi nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe rọrùn láti sọ. Kí n pa ètè dé bí ẹni tó ń dáhùn "m̀", kí igun ẹnu méjèèjì le, kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí àárín sì rọ̀. Àgbọ̀n ò gbọdọ̀ fún jọ bí àgbálùmọ̀ tó ti gbẹ. Láti gòkè, mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu wá a. Ahọ́n ló máa yí láti "tàà" sí "tìì", kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè kéré, kí afẹ́fẹ́ sì yára. Mo mú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, sò òkè ò wá. Igun ẹnu mi le, ahọ́n mi ń ṣe "tìì", n ò rẹ́rìn-ín mọ́, síbẹ̀ àmì róbótó pupa ń wà lára ètè mi títí tí mo fi ń dé Ṣábọ̀ láti Bàyékù. Àwọn aládùúgbò ti lé mi kúrò nílé pẹ̀lú ariwo wọn (àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dòru!), etí ọ̀sà ni mo ti ń dánra wò. Mo ti fẹ́ ta fèrè náà.

Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi tó kéré jù ló ń dà mí láàmú. Ẹ ó rí ìkọ́ kékeré kan lórí fèrè tí ìka yẹn máa ń wọ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé kí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé fèrè dúró, bí ó bá fẹ́ ṣí ìwé orin. Èmi kì í yọ ìka kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sún mọ́ sò, ìka yẹn á fa gbogbo fèrè wá sí eyín mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Bàbá tọ̀ mí wá, wọ́n yọ ìka náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìkọ́ dípò inú rẹ̀. Wọ́n ní kí n fun sò òkè.

Ohun tó jáde dà bí ohùn ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ ń jò ní igun ẹnu, mì gan-an tí mo fi ń yangàn ń gbọ̀n. Inú bí mi débi pé mo gbé fèrè sílẹ̀.

"Ibi tí o dé gan-an nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ìyókù, irin ló ń bá ọ gbé e."

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́. Mo fi ìka kékeré sórí ìkọ́, mo ń yọ́ láti dò sí sò, láti sò sí dò òkè, n ò fi ahọ́n gé e, n ò sì fun ún tagbáratagbára. Mi ò ní fi ohùn kan kún un àfi bí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá jáde wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀màrún. Bí mo bá fun ún ní ìṣẹ́jú kan, mo máa gbé e kúrò lẹ́nu ní ìṣẹ́jú kan. Ìsinmi yẹn ló nira jù fún mi, torí ó ń ṣe mí bí ẹni ń fi àkókò ṣòfò. Bí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tó dà bíi pé ohùn méjì ń jáde, mo ti dákẹ́ nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni sò òkè fi jáde láìsí ìrànwọ́ irin. Mo sáré lọ wo dígí, àmì róbótó náà wà, àmọ́ kò pẹ́ tó fi pòórá. Kì í ṣe pé a ò ní tì í mọ́ ẹnu rárá o. Ó gbọdọ̀ kan ètè tó láti má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, kí ìwúwo rẹ̀ sì wà lórí ètè ìsàlẹ̀ ju tòkè lọ. Dò tó wà lókè sò yẹn ò tíì di tèmi. Ó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Ní ti máútípíìsì ₦45,000, Bàbá tẹ àtàǹpàkò sínú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò jìn. Ó máa ń jẹ́ kí ohùn mú, kò sì lè fún èèyàn ní ohùn tí ètè rẹ̀ ò ní. Bí ètè bá tún wá wú, á kan ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, ohùn á gé pátápátá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ ìkórè gan-an nìyẹn. Máútípíìsì 7C tó bá fèrè mi wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo padà sí. Èkejì wà nínú àpótí. Ọmọ tó gba orin lẹ́nu mi ti wá dá ₦12,000 lé e, mo sì ti sọ fún un pé kó má rà á.