Bí mo ṣe yẹ kóódínéètì sọ́fè wò kí n tó sanwó ilẹ̀

Owó tí mo san fún sọ́féyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo ṣì ń ká mi lára. Kì í ṣe owó ilẹ̀ o, owó àyẹ̀wò lásán ni. Ẹni àkọ́kọ́ gba tirẹ̀, ó tẹ kóódínéètì inú sọ́fè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, sínú fóònù, ó ní inú ọgbà ẹlòmíì lódìkejì títì ni ilẹ̀ náà bọ́ sí, kí n má rà á. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀, ó ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó tán.

Pulọ́ọ̀tì méjì ni, lápá Mówe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, 120 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 120 lóròó, ìyẹn bíi mítà 36 àtààbọ̀ lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Títì gba ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe rí ilẹ̀ náà àti bí a ṣe ná an kò yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Mo pe ajẹ́ǹtì, mo fi ìbínú sọ ohun tí sọ́féyọ̀ wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Minna ni. Gbogbo sọ́fè ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, òótọ́ yẹn ló sì fẹ́ fi bo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ Minna náà rèé. Ọ̀pọ̀ sọ́fè wa ni wọ́n ṣírò kóódínéètì rẹ̀ láti orí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àtijọ́ kan tó wà nítòsí ìlú Minna ní ìpínlẹ̀ Niger. Fóònù kò mọ ìyẹn; WGS84 tí gbogbo ayé ń lò ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń kọ UTM Zone 31, ìlànà tó ń fi mítà ka ibi tí nǹkan wà sí ìlà-oòrùn àti sí àríwá, nọ́ńbà wọn sì jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ní agbègbè tiwa, bí ẹ bá fẹ́ sọ nọ́ńbà Minna di ti fóònù, ẹ óò yọ nǹkan bíi 87 mítà kúrò lára ti ìlà-oòrùn, ẹ óò sì fi nǹkan bíi 120 kún ti àríwá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìyí i padà, fóònù á gbé ilẹ̀ náà lọ sí nǹkan bíi 150 mítà sí ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn. Ohun tí sọ́féyọ̀ tí mo sanwó fún ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ tó kọ́, tó sì ń jẹ!

Ibi tí ó ti wá fún mi lọ́rùn ni pé sọ́fè yìí kò kọ Minna síbì kankan. "ORIGIN: UTM (ZONE 31)" nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn sọ́fè tuntun kan sì wà tí wọ́n ti fi WGS84 ṣe, nítorí náà èèyàn kò kàn lè gbà pé Minna ni kó sì máa yọ 87. Mo pe nọ́ńbà sọ́féyọ̀ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Kò gbé e. Nígbà tó wá gbé e, ó ní òun gbọ́dọ̀ wá fáìlì, wíwá fáìlì sì lówó tirẹ̀. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ kan! Mo bi ajẹ́ǹtì, ó tún ní Minna ni. Mo ní ta ló sọ fún un, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, onílẹ̀ ń sọ pé ẹlòmíì ti ń gbé owó bọ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yọ mí. Kò jìnnà síbẹ̀, ó ti ń gbénú rẹ̀ tipẹ́, kò sí ẹni tó ń bá a jà lórí ààlà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lórí sọ́fè rẹ̀: UTM, Zone 31. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ píláà ààlà kan níwájú géètì rẹ̀, mo jẹ́ kí áàpù tó ń fi UTM hàn fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní gbangba, mo sì fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti sọ́fè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 87 àti 120 gẹ́lẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Minna ni wọ́n ń lò ládùúgbò náà.

Mo wá lọ sórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà. Lórí ìkànnì epsg.io, mo yí kóódínéètì píláà igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn inú sọ́fè láti `EPSG:26331`, tí í ṣe Minna, sí `EPSG:32631`, tí í ṣe ti fóònù. Ẹ jẹ́ kí n mú nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan: sọ́fè ní 214 ìlà-oòrùn, 560 àríwá, nígbà tí mo yí i, ó di 127 àti 680. Mo dúró sí igun náà gan-an níbi tí ajẹ́ǹtì fi hàn mí. Fóònù kà 130 àti 642.

Mítà mẹ́ta ti ìlà-oòrùn kò tó nǹkan, fóònù lè fi márùn-ún ṣì í. Kódà ká ní mẹ́wàá ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n 38 sí àríwá? Minna ti gba tirẹ̀ tán o. Àṣìṣe fóònù kì í tó bẹ́ẹ̀ ní gbangba tí kò sí igi tàbí ilé gíga. Ẹ sì rántí pé mítà 36 àtààbọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ náà. Sọ́fè ọwọ́ mi, ti ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e lápá àríwá ni.

Ajẹ́ǹtì kò gbà. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀, ó fi àdá ha erùpẹ̀ kúrò lórí píláà méjì, nọ́ńbà orí wọn sì bá ti sọ́fè mu lóòótọ́. "Ẹ ẹ̀ rí i, Àǹtí?" Àwọn ti iwájú ńkọ́? Ó ní katapílà ti rì wọ́n.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe san owó kejì. Sọ́féyọ̀ yìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, kò tíì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ tó fi yí ìwé náà sí mi. "Ẹ wo ọfà àríwá. Nínú ìwé, àwọn píláà méjì wọ̀nyí wà ní gúúsù. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín, àríwá ni wọ́n wà." Píláà ààlà ni wọ́n, àwọn ilẹ̀ méjèèjì ló jọ ní wọn. Ó wá gbẹ́ ilẹ̀ níwájú, ó rí ọ̀kan tí wọ́n ní ó ti rì, nọ́ńbà orí rẹ̀ kò sí nínú sọ́fè mi rárá. Ẹ̀rọ rẹ̀, tí kì í fi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ṣì í, tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, píláà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá kọ́kọ́ béèrè, pẹ̀lú ọfà àríwá lójú. Sọ́féyọ̀ tí mo bá sì bi pé Minna ni àbí WGS84, tó wá ń wò mí bí ẹni wo sinimá, n kò ní fún un ní kọ́bọ̀.

A rìn dé orí ilẹ̀ àríwá náà. Ìdajì rẹ̀ ti ń di àbàtà, ewé kókò kún un. Onílẹ̀ ní iye kan náà ni, kí n gba èyí. Mo ní rárá. Ajẹ́ǹtì ṣèlérí pé òun máa dá owó sọ́féyọ̀ kejì padà fún mi, tí òun bá ti rí ẹni ra ilẹ̀ náà.