Ewé tó gbẹ lójú, tó tutù nínú

Ọ̀pọ̀ ewé tí a sá gbẹ láti tọ́jú, tó wá bu nínú ìgò, kì í ṣe inú ìgò ló ti bà jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ tí wọ́n sá a sí ló ti bà jẹ́. Ẹni tó kó o fọwọ́ ra ojú ewé, ó gbọ́ tó ń dún kàràkàrà, ó ní ó ti gbẹ. Ojú rẹ̀ ló gbẹ. Omi ṣì wà nínú ọ̀pá rẹ̀, ó sì wà nínú iṣan ńlá tó la àárín ewé já. Bí a bá wá dé ìgò náà pa, omi yẹn ò rí ibi gbà jáde mọ́; yóò máa rọra kúrò nínú ọ̀pá lọ bá ojú ewé tó ti gbẹ. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ewé tó ń dún kàràkàrà ti rọ̀ padà, ibẹ̀ sì ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi efinrin ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ já ewé rẹ̀ tútù kúrò lára ọ̀pá, ó sì wọn gíráàmù 500. Ó kéré tán, omi ni ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn gíráàmù 400. Ewé gan-an kò ju 100 lọ. Ewé tí a fẹ́ tọ́jú pẹ́ kò yẹ kó ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ títí yóò fi tó 110 tàbí kó kéré sí i. Bí òṣùwọ̀n bá ṣì ń sọ 130, gíráàmù 30 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ó ti lé ní ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Omi inú ewé kì í bára dọ́gba, nítorí náà ẹ má rọ̀ mọ́ 110 yìí bí òfin. Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀, títí yóò fi wọn iye kan náà ní àárọ̀ méjì tó tẹ̀ léra.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó mú ewé tó nípọn jù lọ lórí àtẹ, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ jù, kó sì ṣẹ́ iṣan àárín rẹ̀. Bó bá dún pò tó sì já sí méjì, ó ti gbẹ. Bó bá tẹ̀ láìṣẹ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Àṣìṣe kan wà níbi tí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti lè tan èèyàn. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ewé á dé ibì kan tí kò ní fúyẹ́ mọ́, síbẹ̀ iṣan rẹ̀ á ṣì máa tẹ̀. Ewé kò lè gbẹ ju bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣe gbà á láyè lọ. Ẹ lè fi oṣù kan sá a sínú yàrá yẹn, kò ní yí padà, àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í bu lórí àtẹ níbẹ̀. Irú ewé bẹ́ẹ̀ nílò ooru díẹ̀ láti parí iṣẹ́: ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, tí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó dígírì 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kí ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀rinrin lè ríbi jáde.

Dígírì 40 yẹn ni àwọn èèyàn kì í ní sùúrù fún. Wọ́n á fi iná sí i kó lè yá. Efinrin, ewé tíì àti míńtì, òróró tó ń fẹ́ lọ ni òórùn wọn, ara òróró yìí sì ni púpọ̀ nínú agbára wọn wà. Bí òórùn efinrin bá gba gbogbo ilé kan nígbà tí ẹ ń sá a, kì í ṣe ìdùnnú o. Ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú ló ń sá lọ yẹn. Oòrùn gangan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń ṣí àwọ̀ ewé. Inú ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló dáa jù fún ewé. Ti gbòǹgbò yàtọ̀ díẹ̀: atalẹ̀ máa ń fara da oòrùn, bí ẹ bá ti gé e pẹlẹbẹ, tí kò nípọn ju mílímítà 5 lọ. Gbòǹgbò tí wọ́n sá lódindi, ẹ̀yìn rẹ̀ á le, omi á há sí àárín.

Bí ẹ bá fọ ewé, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹ, kí ewé má sì gorí ewé. Àwọn tó fẹ́ràn láti so ó rọ̀ máa ń dì í ní ìdì ńlá. Àárín ìdì yẹn ni yóò kọ́kọ́ dúdú. Ọ̀pá márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó fún ìdì kan, rọ́bà ni kí ẹ sì fi dì í, nítorí pé ọ̀pá máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, okùn á sì tú.

Ẹ má da ewé sínú ìgò nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá dà á sínú ìgò tó mọ́, tó gbẹ, tí ẹ kò dà á kún dé ọrùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo ara ìgò láràárọ̀, pàápàá abẹ́ ìdérí, kí ẹ sì mì í. Bí ìgò bá làágùn, tàbí tí ewé ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ dà á jáde lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tún un sá. Tí kò bá tíì bu, kò tíì bàjẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, tó jìnnà sí ibi ìdáná. Lára ohun tí mo máa ń rí jù ni kí èèyàn gbé ìgò ewé sókè ìkòkò tó ń hó, kó máa gbọn ewé sínú rẹ̀. Ooru ìkòkò yẹn ń wọnú ìgò lọ. Ẹ bu ún sọ́wọ́ níbòmíràn, kí ẹ tó dà á síkòkò.

Ẹ má lọ ewé tẹ́lẹ̀. Bó ti wà lódindi ni òróró rẹ̀ ń pẹ́. Ẹ fọwọ́ run ún nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kó o sínú ìgò sára rẹ̀. Ewé máa ń lo tó ọdún kan, gbòǹgbò àti èèpo igi lè tó ọdún méjì. Imú ló mọ̀ jù: ẹ run díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, bí òórùn rẹ̀ bá ti di ti koríko gbígbẹ lásán, agbára rẹ̀ ti lọ.

Bó bá wá ti bu ńkọ́? Àwọn kan á ṣa ibi funfun kúrò, wọ́n á sá ìyókù sóòrùn, wọ́n á ní iná máa pa á. Iná lè pa ohun tó hù. Májèlé tí irú àwọn kan nínú wọn ń fi sílẹ̀ kì í bá iná síse lọ, ó sì lè ti dé ibi tí ojú ò rí nínú ìgò kan náà. Ẹ má sì ki imú bọ ìgò láti wò ó bóyá ó ti bu. Gbogbo ewé inú ìgò náà ni kí ẹ dà nù, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ìgò náà tìdérí-tìdérí, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ títí inú kòtò ìdérí náà yóò fi gbẹ, torí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí.